Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: nóòtì kékeré sí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lọ́sìbítù, nípa ohun tá a fẹnu kò sí ní mítìn

Tíṣà_ÒkèÒgùn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Mo fẹ́ ìmọ̀ràn kíákíá. Ilé ìwé girama ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, apá Òkè-Ògùn níbí. Ẹ̀gbọ́n mi kan níbi iṣẹ́, tíṣà ìṣirò tó ń mú Jéésì 2, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, apẹ́ńdíìsì ni, wọ́n ṣì wà lọ́sìbítù n'Ìbàdàn. Túsìdè tó kọjá, 4 oṣù kọkànlá, la ṣe mítìn gbogbo tíṣà, ó gbà wá tó wákàtí méjì ààbọ̀. Igbákejì ọ̀gá wá ní kí èmi kọ nóòtì kékeré sí wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tá a fẹnu kò sí, torí ẹ̀ka kan náà la wà.

Ibi tó ti le fún mi ni pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn pọ̀. Wọ́n ní ìdánwò á bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè 1 oṣù kejìlá, wọ́n ní kí kálukú fi ìbéèrè àti ìdáhùn ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìdánwò, ó pẹ́ tán Fúráìdè 14 oṣù kọkànlá, wọ́n yí bá a ṣe ń pín máàkì 40 inú kíláàsì padà, wọ́n tún dúútì pín, wọ́n wá jà lórí aṣọ ẹgbẹ́ tá a fẹ́ wọ̀ fún ayẹyẹ ìparí ọdún títí tí pírínsípà fi ní ká lọ sílé. Ẹnì kan tún dìde pé àwọn tó ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́ ń di ẹrù ru ẹlòmíì, gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí. Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ àti èyí tí mo máa fi sílẹ̀. Wọ́n sì jù mí lọ dáadáa, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Báwo lẹ ṣe ń kọ irú ẹ̀?

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Kí ló le níbẹ̀? Ya fọ́tò ìwé tí akọ̀wé mítìn kọ, fi ránṣẹ́ sí wọn lórí wasáàpù, ó parí. Wọ́n á kà á tára bá ti yá. Ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé o fi nǹkan pamọ́.

Akọ̀wé_Àgbà:
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mi ò bá ẹ lọ síbẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé mítìn tíṣà kí n tó rètáyà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìwé tí akọ̀wé kọ ní Túsìdè, kò tíì sí ẹni tó lè dì í mú. Mítìn tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kà á sí gbogbo yín létí, àwọn tó wà níbẹ̀ á tún ibi tó wọ́ ṣe, ẹnì kan á ní ká gbà á wọlé, ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn, ìgbà yẹn ló tó di ìwé. Kó tó dìgbà náà, déètì lè ṣì wà níbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Tó o bá wá lọ fi ránṣẹ́ sí aláìsàn, òun tí kò sí níbẹ̀ ò lè mọ ibi tó wọ́, ohun tó bá rí ló máa gbà gbọ́.

Èkejì, Tíṣà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n sọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tá a fẹnu kò sí. Wákàtí méjì ààbọ̀ yẹn, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ìpinnu wà nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ń yọ ọ́ ni pé mo máa ń wá ibi tí alága ti sọ pé "bá a ṣe máa ṣe é nìyẹn" tí ẹnikẹ́ni ò tún yọ ọwọ́ sókè lẹ́yìn ẹ̀. Mo wá máa bi ara mi nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, ta ló máa ṣe é, ìgbà wo. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣófo, kò tíì di ìpinnu, mi ò ní kọ ọ́ bí ẹni pé ó ti dì í. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ tó o sọ yẹn, nígbà tí pírínsípà ní kẹ́ ẹ lọ sílé láìsọ nǹkan kan, kò sí ìpinnu níbẹ̀, má fi í sí i.

Èyí tó kù, ọjọ́. Má ṣe kọ "Fúráìdè tó ń bọ̀" tàbí "ọ̀la" o. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè má ṣí fóònù fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀la tó bá kà nígbà yẹn, ọ̀la wo ni? Kọ Fúráìdè 14 oṣù kọkànlá.

Ṣùgbọ́n mo rí ihò ńlá kan nínú ohun tó o sọ. Wọ́n ní kí kálukú fi ìbéèrè ránṣẹ́ kó tó di 14. Ta ló máa kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ? Ṣé wọ́n sọ ọ́ ní mítìn?

Abẹ̀ní_Kékeré:
Ẹ má bínú, èmi ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ kọ nǹkan kan rárá. Nígbà tí mo bímọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, irú nóòtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìwé àdáni tí mo wà nígbà yẹn. "Ẹ kú ewu ọmọ o, máàkì gbọ́dọ̀ wọlé ọjọ́ báyìí." Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má ṣe é. Mo ní kí ọkọ mi lọ gbé àwọn ìwé àwọn ọmọ wá láti ilé ìwé, mo ń máàkì wọn níbi tí ojú abẹ ò tíì jinná, mò ń fi ìrọ̀rí ti ikùn. Títí dòní inú ń bí mi tí mo bá rántí. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn sinmi.

Bàbá_Ìlọrin:
Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n gba ìwé dókítà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tó lè fi ṣàìsàn kí owó má gé, tó bá ti ní ìwé dókítà tó ní láísẹ́ńsì. Ẹ kọ lẹ́tà ìsinmi àìsàn fún un, ẹ fi há a, kí pírínsípà bu ọwọ́ lù ú.

Akọ̀wé_Àgbà:
Bàbá Ìlọrin, lóòótọ́ ni ọjọ́ 12 wà nínú òfin yẹn, ṣùgbọ́n òfin ọ̀tọ̀ làwọn tíṣà ìjọba ń tẹ̀ lé, ti iṣẹ́ ìjọba, ìsinmi àìsàn tiwọn ò bá ìyẹn mu. Ìyẹn náà kọ́ ni Tíṣà ń bèèrè. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìsinmi, nóòtì mítìn ló ń wá.

Abẹ̀ní, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ tún nóòtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín wò: wọ́n kọ ọjọ́, wọn ò kọ ẹni tó máa ṣe é. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé "tíṣà báyìí ló ń máàkì tiyín", ṣé ẹ ò bá ti sùn?

Abẹ̀ní_Kékeré:
Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá sùn. Mo gbà ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹni náà wà níbẹ̀ o, kì í ṣe "a máa bá yín mójú tó o". "A" yẹn kì í ṣe ẹnì kankan.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i láti ọ̀dọ̀ àwa tá a wà ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún, oògùn ìrora lè máa kùn ún lóorun, ọ̀pọ̀ ìgbà fóònù ẹ̀ kì í sí lọ́wọ́ ara ẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ tàbí ọkọ tàbí àbúrò tó ń tọ́jú ẹ̀ ló wà. Èmi fúnra mi ti bá aláìsàn ka mẹ́sééjì sókè rí, àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń gbọ́. Torí náà ohunkóhun tẹ́ ò bá fẹ́ kí àlejò gbọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ẹ̀.

Fọ́tò ìwé yẹn ò wúlò fún wọn. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fà á sọ́tùn-ún fà á sósì, wọn ò sì lè jókòó pẹ́. Fóìsì nóòtì náà, ó dáa fún kíkí, ohùn ènìyàn máa ń tu aláìsàn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi déètì sínú fóìsì nóòtì, tí oorun bá gbé e lọ láàárín, ṣé ó tún máa padà gbọ́ gbogbo ẹ̀ torí kó lè wá ọjọ́ kan ni? Ẹ fi ohùn kí i, kẹ́ ẹ tẹ ìpinnu. Kó má ju ohun tí ojú máa rí lẹ́ẹ̀kan láìfi ìka ti ojú fóònù sókè.

Tíṣà_ÒkèÒgùn:
Ẹ ṣeun gan-an. Akọ̀wé Àgbà, ìbéèrè yín ló gbé mi lọ sí ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá láàárọ̀ yìí. Lóòótọ́ wọn ò sọ ọ́ ní mítìn, ó kàn dà bíi pé kálukú rò pé ẹlòmíì ló máa ṣe é. Wọ́n pe olórí ẹ̀ka wa níwájú mi, òun ló máa kọ ìbéèrè ìṣirò Jéésì 2 látinú ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́mù. Èmi ni mo máa bójú tó máàkì inú kíláàsì. Dúútì tiwọn, wọ́n sún un sí tẹ́mù tó ń bọ̀, ìyẹn ti wà lára ohun tá a fẹnu kò sí ní Túsìdè.

Ohun tó kù ni pé a ò rí ìwé tí wọ́n kọ máàkì tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ sí. Kò sí nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Ṣé mo lè bi wọ́n?

Akọ̀wé_Àgbà:
Bi wọ́n. Ìyẹn nìkan ni kó o bi wọ́n. Tó o bá bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta, iṣẹ́ ló ti dà. Fi ìbéèrè náà sísàlẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ pé gbogbo ìyókù ti ní ẹni tó ń ṣe é, kó sì jẹ́ irú èyí tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè bá wọn dáhùn ní gbólóhùn kan.

Báwo ni wọ́n ṣe wá pín máàkì 40 yẹn báyìí?

Tíṣà_ÒkèÒgùn:
Tẹ́lẹ̀, tẹ́ẹ̀sì méjì, 10 sọ́kọ̀ọ̀kan, àsáímẹ́ǹtì 10, pírójẹ́ẹ̀tì 10. Wọ́n ti yọ pírójẹ́ẹ̀tì kúrò torí àwọn òbí ló ń ṣe é fún àwọn ọmọ. Ó wá di tẹ́ẹ̀sì méjì, 15 sọ́kọ̀ọ̀kan, àsáímẹ́ǹtì dúró ní 10. Ìdánwò 60 bó ṣe wà. Àwọn tó ti ṣe tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ lórí 10, kí wọ́n sọ ọ́ di 15, bíi kí ọmọ tó gba 6 di 9. Tó bá já sí ààbọ̀, kí wọ́n fi sókè.

Alábòójútó_Ìdánwò:
Ẹ dúró ná. "Kí wọ́n fi sókè" yẹn, ta ló sọ ọ́? Ọmọ tó gba 7 nínú 10, ó máa di 10 ààbọ̀ nínú 15. Tẹ́ ẹ bá fi sókè ó di 11. Tí tíṣà kíláàsì kejì bá fi 10 ààbọ̀ sílẹ̀ tàbí tó gé e sí 10, ọmọ méjì tó gba iye kan náà ò ní rí máàkì kan náà mọ́, ibi tí òbí á ti dé nìyẹn. Èmi ni mo ń kó máàkì jọ nílé ìwé tiwa, mo mọ ariwo tí máàkì kan ṣoṣo máa ń dá sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń to ọmọ láti ipò kìíní lọ sísàlẹ̀.

Tíṣà_ÒkèÒgùn:
Hmm. Tíṣà físíìsì ló sọ ọ́ látẹ̀yìn. Àwọn kan mi orí. Igbákejì ọ̀gá ò dá a lóhùn, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ dúútì.

Alábòójútó_Ìdánwò:
Ẹ ò wá rí i? Mímì orí kì í ṣe ìpinnu. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú nóòtì. Ẹ lọ bi alága ìgbìmọ̀ ìdánwò yín kẹ́ ẹ tó yí máàkì ọmọ kankan padà, kó sì sọ ọ́ fún gbogbo tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Mo gbọ́, mo ti fi ọ̀rọ̀ fọ́tò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ àìsàn yẹn ńkọ́? Èmi rò pé ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mọ̀. Tó bá padà dé tó ń bá ẹni yẹn rẹ́rìn-ín, tó wá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé Tíṣà wà níbẹ̀ tí kò sì sọ fún òun, ìyẹn náà ò dáa.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀sìbítù o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn ẹlòmíì ló ń bá wọn ka mẹ́sééjì.

Akọ̀wé_Àgbà:
Kò sí nínú ìpinnu, torí náà kò sí nínú nóòtì. Bóyá Tíṣà máa fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ iwájú, àárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo bá wà ní ipò rẹ̀, màá sọ ọ́ lójúkojú tí wọ́n bá ti padà síṣẹ́, láìdá orúkọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:
Láìdá orúkọ ló máa jẹ́ kí wọ́n máa fura sí gbogbo ènìyàn. Ẹ dá orúkọ tàbí kẹ́ ẹ má sọ rárá.

Tíṣà_ÒkèÒgùn:
Màá ro ìyẹn dáadáa. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mo ti fi ohùn kí wọn lọ́tọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gbogbo wa ní ẹ̀ka ìṣirò ń kí yín, Ọlọ́run á wò yín sàn. Ohun tá a fẹnu kò sí ní mítìn Túsìdè 4 oṣù kọkànlá tó kàn yín nìyí.

Ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè 1 oṣù kejìlá. Olórí ẹ̀ka ló ń kọ ìbéèrè Jéésì 2, ó máa fi sílẹ̀ kó tó di Fúráìdè 14 oṣù kọkànlá.

Máàkì 40 ti yí padà: tẹ́ẹ̀sì méjì, 15 sọ́kọ̀ọ̀kan, àsáímẹ́ǹtì 10, kò sí pírójẹ́ẹ̀tì mọ́. Èmi ni mo máa ṣe ti kíláàsì yín.

Dúútì yín ti di tẹ́mù tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìwé máàkì tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wà? Ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín lè bá yín dáhùn. Kò sí nǹkan míì tá à ń retí lọ́dọ̀ yín. Ẹ rọra sinmi, ẹ kí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin fún wa."

Abẹ̀ní_Kékeré:
Ó dáa gan-an. Mo rò pé ẹ máa kọ "ẹ tètè padà wá o, iṣẹ́ ń dúró dè yín" bí àwọn kan ṣe máa ń kọ ọ́, inú mi dùn pé kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé_Àgbà:
Nǹkan méjì. Ọ̀rọ̀ pé olórí ẹ̀ka ló ń kọ ìbéèrè, kì í ṣe ní mítìn lẹ ti fẹnu kò sí i, ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá ló ti wá. Fi "igbákejì ọ̀gá ti ní kí olórí ẹ̀ka" sí i, kí wọ́n mọ ẹni tó pa á láṣẹ. Ìyẹn náà á sì jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ pé kì í ṣe ìwọ tó o jẹ́ àbúrò lò ń pín iṣẹ́ wọn kiri. Lẹ́yìn náà, fi nóòtì yìí han igbákejì ọ̀gá kó o tó tẹ̀ ẹ́, torí àwọn ló rán ẹ níṣẹ́.

Bàbá_Ìlọrin:
Owó aṣọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá dá a lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n wá gé e lára owó àjẹmọ́nú, wọ́n á ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn.

Alábòójútó_Ìdánwò:
Bàbá, wọn ò tíì dá owó kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ní ìwọ̀n tiẹ̀ o. Tí wọ́n bá pe mítìn míì lórí ẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó dé, tó sì di pé wọ́n fẹ́ gé owó lọ́wọ́ kálukú, ìyẹn gbọ́dọ̀ dé etí wọn kí wọ́n tó gé e, torí owó wọn ni.

Tíṣà_ÒkèÒgùn:
Mo ti tún ibi olórí ẹ̀ka ṣe, igbákejì ọ̀gá kà á, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ọmọ wọn obìnrin ló dáhùn lálẹ́ yìí, ó ní ìwé máàkì náà wà nínú báàgì tí wọ́n gbé lọ sọ́sìbítù lọ́jọ́ tí inú ń run wọ́n, ó máa ya á ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọ̀la. Alága ìgbìmọ̀ ìdánwò ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ààbọ̀ máàkì yẹn, mi ò ní fọwọ́ kan máàkì ọmọ kankan títí wọ́n á fi dáhùn.